Ẹni tó ń lé orin ìkórè wa kò dé ohùn òkè: kí wo ni ká fi orin náà sí?

Adarí_Òmù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìrànlọ́wọ́ ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Èmi ni mò ń darí akọrin ìjọ wa ní Òmù-Àràn, ìkórè wa sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ orin tuntun kan sílẹ̀ fún un, kí D ni mo fi sí, ìyẹn ni pé orí D ni dò rẹ̀ wà. Arábìnrin tó máa lé e ní ohùn tó dùn, tó sì nípọn, àmọ́ tó bá ti kan ibi tó ga jù, igbe ló máa ń ké. Tí kò bá ké, á yẹ ibẹ̀ sílẹ̀, á bọ́ sí ohùn mìíràn nísàlẹ̀.

Ibẹ̀ nìyí:

*Ìwọ Ọba tó lànà,*
*Ìwọ lo fún wa lógún.*

"Gún" yẹn ló bọ́ sórí dò òkè, mo sì ní kó fà á títí a ó fi ka ẹẹ́rin. Ohùn tó relẹ̀ jù ni sò ìsàlẹ̀, lórí "Ì" tí orin fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ mẹ́rin ni orin náà ní, gbogbo wọn ló sì parí sí "lógún".

Ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní rìhásà ọjọ́ Sátidé. Arábìnrin yìí yẹ dò òkè sílẹ̀, ó kọ sò dípò rẹ̀. Nígbà tí a parí, bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, èwo ni ti pé Ọlọ́run fún wa lógun? Ta là ń bá jà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Èmi fúnra mi ń kọ orin náà láìsí wàhálà kankan, ìyẹn ni kò fi yé mi. Ṣé kí n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ni?

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ohùn ló ń há a yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ orógbó láràárọ̀, kó fi oyin àti atalẹ̀ sínú omi gbígbóná ní alẹ́. Ọmọ mi obìnrin ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, ó sì là.

Kíbọọ̀dù_Tánkẹ̀

Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Kí D ga jù fún obìnrin tó ní ohùn tó nípọn. Kí G ni wọ́n máa ń lò fún irú wọn. Ẹ tẹ Transpose sísàlẹ̀ títí á fi di -7, kí ẹni tó ń tẹ kíbọọ̀dù máa tẹ̀ ẹ́ bíi D tó ti mọ̀. Dò òkè á wá di G, kò sí obìnrin tí kò lè kọ ìyẹn. Ó tán.

Àǹtí_Ohùn_Ìlọrin

Adarí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́ ló ní ẹ̀bi, ibi tí ẹ gbé orin náà kà ni.

Ẹ ní ẹ ń kọ ọ́ láìsí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ni, torí ohùn yín lẹ fi kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ọkùnrin bá ń kọ orin kan náà pẹ̀lú obìnrin, nísàlẹ̀ tirẹ̀ ló ti ń kọ ọ́. Dò òkè yín nínú kí D, D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C àárín ni, ibẹ̀ sì tù yín lára. Tirẹ̀ ni D kejì lókè, ìṣísẹ̀ méjìlá sí tiyín tí a bá ka funfun pẹ̀lú dúdú. Ohùn obìnrin kì í ṣe ohùn ọkùnrin tí a gbé sókè ní ìṣísẹ̀ méjìlá gééré. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ohùn wọn nípọn ò tíì dé ibi tí ẹ rò yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọrùn.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, mà. Omi gbígbóná àti oyin á tu ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ lára, àmọ́ ọ̀nà oúnjẹ ni ohun tí a bá gbé mì ń gbà, kì í kan ibi tí ohùn ti ń jáde. Kò lè fi ohùn kan kún ohùn tí èèyàn ní.

Bọ̀dá Tánkẹ̀, òótọ́ ni pé kí ni kí wọ́n yí, ṣùgbọ́n kò sí kí tó jẹ́ ti obìnrin tàbí ti ọkùnrin. Ẹ wo ìsàlẹ̀ orin náà. Tí wọ́n bá wá sí G, sò ìsàlẹ̀ á di D tó wà lábẹ́ C àárín. Arábìnrin yẹn á ṣí ẹnu, èémí lásán ni yóò jáde, ìlù á sì bo "Ìwọ" mọ́lẹ̀.

Adarí, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ jókòó ti kíbọọ̀dù pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀yin méjì péré, lẹ́yìn tó bá ti kọ orin díẹ̀ tí ara rẹ̀ ti gbóná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kó máa kọ "a" bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ sókè níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi í bóyá ó dé ibẹ̀, torí á ní òun dé ibẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Tí àgbọ̀n rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè, tí iṣan ọrùn rẹ̀ bá yọ, tí ohùn náà bá ń rẹlẹ̀ sí èyí tí ẹ tẹ̀, ó ti kọjá ibi tó yẹ. Ohùn tó bá lè kọ nígbà mẹ́ta léra wọn, tó sì lè sọ̀rọ̀ ní ohùn rẹ̀ gan-an lẹ́yìn náà, ìyẹn ni òkè rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ náà. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún mi: ibi tó ti rọrùn àti ibi tó ti ń gbìyànjú, lókè àti nísàlẹ̀.

Adarí_Òmù

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀, mà. A ti ṣe é lálẹ́ àná. Nísàlẹ̀, F tó wà lábẹ́ C àárín ń jáde ketekete. E tó tẹ̀ lé e ń jáde tó bá fi ẹnu mọ́ máíkì. Lókè, A rọrùn fún un, B fúláàtì náà dára. B ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, C sì jẹ́ wàhálà gbáà. Bí ẹ ṣe sọ nípa àgbọ̀n gẹ́lẹ́ ni mo rí i, orí B ló ti gbé e sókè.

Ohun kan dà mí láàmú. Fóònù mi ní A yẹn ni A4, kíbọọ̀dù wa sì ń pè é ní A3. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Kíbọọ̀dù_Tánkẹ̀

Ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn kíbọọ̀dù kan, Yàmáhà wà lára wọn, ń pe C àárín ní C3, ọ̀pọ̀ áàpù orí fóònù sì ń pè é ní C4. Ẹ gbàgbé nọ́ńbà, ẹ máa kà á láti C àárín bí ẹ ti ṣe yìí.

Àǹtí, mo gbà pé -7 ti pọ̀ jù. Mi ò wo ìsàlẹ̀ orin náà rárá. Mo ti kà á báyìí: -4 ló máa jẹ́ B fúláàtì, sò ìsàlẹ̀ á bọ́ sórí F, dò òkè á bọ́ sórí B fúláàtì. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ohun tí arábìnrin yẹn ní.

Àlàbí_Ọmọ_Dadakúàdà

Àsàlámù àlékùm gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mi ò mọ kíbọọ̀dù sọ tèmi. Dadakúàdà ni a ń kọ níhìn-ín ní Ìlọrin, òde ìyàwó àti wólímọ̀ ni wọ́n sì ń pè wá sí jù. Kò sí ẹni tó ń tẹ ohùn fún wa. Ẹni tó bá ń lé orin ló máa dá a láti inú ara rẹ̀, àwọn elégbè á gbè é níbi tó bá gbé e kà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí mi pé tí mo bá rí èrò, tí ara mi yá, màá dá orin náà ga. Ìbẹ̀rẹ̀ á dùn. Tí ó bá wá kù díẹ̀ kí n kan ibi tí mo ti fẹ́ ki olówó, màá mọ̀ pé mo ti kó sí i, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́, torí elégbè ti gbà á. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi pé kí n tó dá orin, kí n fi imú kùn ún láti ibi tó ga jù nínú orin náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Tí ibẹ̀ bá ti jókòó dáadáa, kí n wá kùn ún padà wá síbi ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó la ẹnu. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni a ti ń wá ibi tí a ó ti dá orin, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Tí iná bá lọ ní ọjọ́ ìkórè yín, tí kíbọọ̀dù kú, ohun tí arábìnrin yẹn máa lò nìyẹn.

Àǹtí_Ohùn_Ìlọrin

Wà àlékùm salaam, Àlàbí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, èmi náà á máa fi kọ́ àwọn ọmọ mi.

Adarí, ẹ wo ohun tí òǹkà yín fi hàn. Láti sò ìsàlẹ̀ dé dò òkè, ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni. Láti F dé B fúláàtì tó dára lẹ́nu arábìnrin yẹn, mẹ́tàdínlógún náà ni. Ìyẹn ni pé orin yín gba gbogbo ohùn tó ní, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Tí ẹ bá fi í sí B fúláàtì bí Bọ̀dá Tánkẹ̀ ṣe wí, ó máa kọ ọ́ ní rìhásà. Ní ọjọ́ ìkórè ńkọ́, tó ti jí ní aago márùn-ún, tó ti kọ orin àwọlé, tí ọyẹ́ ti gbẹ ọ̀fun rẹ̀? Òkè yẹn ló máa kọ́kọ́ sá lọ.

Torí náà ẹ wo iye ìgbà tí orin dé ìkángun kọ̀ọ̀kan. Sò ìsàlẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìlù kò tíì wọlé. Máíkì lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Dò òkè wá nígbà mẹ́rin, gbogbo ìlù àti elégbè sì ń dún. Ibi tí ẹrù ti pọ̀ ni kí ẹ ti dín in kù. Èmi á fi í sí kí A: ìsàlẹ̀ á jẹ́ E, òkè á jẹ́ A tó rọrùn fún un. Òwúrọ̀ lẹ sì máa kọ ọ́. Ohùn máa ń wúwo láàárọ̀, E tó ń ṣòro fún un lálẹ́ àná lè jáde fúnra rẹ̀. Ẹ tún un yẹ̀ wò ní àárọ̀ kan kí ẹ tó pinnu.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni "gún" fúnra rẹ̀. Kí yòówù kí ẹ yàn, ẹ ti gbé ohùn tó ga jù ka orí fáwẹ̀lì tó há jù, ẹ sì ní kó dúró síbẹ̀ ká ẹẹ́rin. Ẹ fi ọwọ́ kan ètè yín kí ẹ wí "un". Ẹnu sún mọ́ra, ètè ká, ohùn gba imú lọ. Ẹ wá wí "a", kí ẹ wo bí àgbọ̀n ṣe já sísàlẹ̀. Ohùn òkè ń fẹ́ àyè nínú ẹnu, "un" kò sì fún un láyè. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké: ipá ló fi ń wá ohun tí ẹnu kò jẹ́ kó rí.

Ẹ má fà á níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi "gún" kan dò òkè ká ẹyọ kan, kó wá bọ́ sílẹ̀ sórí là pẹ̀lú "o", kó sì fa ìyẹn títí ẹ ó fi ka ẹẹ́ta yòókù: *Ìwọ lo fún wa lógún o.* Etí àwọn èèyàn á gbọ́ òkè náà dáadáa, àmọ́ orí "o" ni yóò ti sinmi. Kó sì mí lẹ́yìn "lànà". Mo fura pé èémí kan ló fi ń gba ìlà méjèèjì.

Tí "gún" bá ṣì ń há, kó ya ẹnu inú bí ẹni tó fẹ́ wí "ọ́n", kí ètè sì máa wí "ún".

Olùkọ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kú àṣàrò. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Àjàṣẹ́-Ìpo, mo sì ń bá wọn kọ áátò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè bàbá àgbà yẹn ni mo fẹ́ dá sí.

"Lógún" ní àmì òkè lẹ́ẹ̀mejì. Adarí kọ ọ́ dáadáa: "ló" wà lórí là, "gún" gun dò òkè. Nígbà tí arábìnrin náà já sórí sò, "gún" relẹ̀ sí "ló", etí Yorùbá kò sì lè gbọ́ ọ bí ohun mìíràn ju "lógun" lọ. Ogún bàbá ẹni di ogun. Ìdí nìyẹn tí yíyí kí fi dára ju yíyí ohùn lọ: tí ẹ bá sọ gbogbo orin kalẹ̀ lápapọ̀, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ọ̀rọ̀ kò yí. Ẹni tó bá yẹ ohùn kan ṣoṣo sílẹ̀ ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn olórin ìjọ ti ń bá èyí jà. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó di atẹdùùrù Kàtídírà Èkó ní 1914, wà lára àwọn tó kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ti ọ̀rọ̀ ẹnu, nígbà tí àwọn orin tí wọ́n gbé sórí ohùn òyìnbó ń lọ́ ọ̀rọ̀ po.

"O" tí Àǹtí fi kún un tọ̀nà. Àárín ni àmì rẹ̀, ó sì bọ́ sísàlẹ̀ "gún" bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ti "ọ́n" yẹn, Àǹtí. Tí ó bá pọ̀ díẹ̀, "lógọ́n" ni a ó gbọ́, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí_Ohùn_Ìlọrin

Olùkọ́, mo gbọ́ yín. Tí ẹ bá fà á ni yóò di "ọ́n". Níwọ̀n bí a ti ní kó kàn án ká ẹyọ kan péré, etí kì í tètè mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó lẹ́yìn ìjọ kí ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, tí ẹ bá gbọ́ "gọ́n", kó fi í sílẹ̀.

Fèrè_Òrò

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, kí A yẹn ò rọrùn fún wa o. Kàkàkí òyìnbó ni mò ń fọn. B fúláàtì ni tiwa wà, tí ìjọ bá wà ní B fúláàtì, C ni èmi ń fọn. Tí wọ́n bá wà ní A, B ni èmi ń fọn, ṣáápù márùn-ún. Èmi á gbìyànjú, àmọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ò ní lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi sí B fúláàtì fún wa.

Bákan náà, tí ẹ bá ń tẹ Transpose, ẹ sọ fún ẹni tó ń ta gìtá báàsì. Níbì kan tí wọ́n pè mí sí, kíbọọ̀dù wà ní -4, ẹni tó ń ta báàsì ń wo ọwọ́ atẹkíbọọ̀dù, ó rí D, òun náà sì ń ta D. Ó tó ẹsẹ kan gbáko kí wọ́n tó mọ ohun tó ń dún bẹ́ẹ̀.

Kíbọọ̀dù_Tánkẹ̀

Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Kí wọ́n tún rántí dá a padà sí 0 kí orin tó kàn tó bẹ̀rẹ̀.

Àbá mi rèé. Ẹ fi ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ sí A, ìyẹn -5. Tí ó bá kan ẹsẹ ìkẹyìn, ẹ gbé e sókè ní ìṣísẹ̀ kan, ó di -4, B fúláàtì nìyẹn, kí àwọn onífèrè wá wọlé. Ìjọ á dìde! Ẹ jẹ́ kí ìlù nìkan dún ká mẹ́rin láàárín kí ẹ fi rí àyè tẹ bọ́tìnì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lórí kíbọọ̀dù.

Àǹtí_Ohùn_Ìlọrin

Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹsẹ ìkẹyìn ni ó ti rẹ̀ ẹ́ jù, ibẹ̀ lẹ sì fẹ́ gbé òkè náà sún síwájú. B fúláàtì tó kọ nínú yàrá pẹ̀lú kíbọọ̀dù kan kọ́ ni B fúláàtì tó máa kọ láàárín fèrè mẹ́ta. Tí kò bá gbọ́ ara rẹ̀, á ké. Tí ẹ bá máa gbé e sókè, kí àwọn tírẹ́bù gba "gún" ẹsẹ ìkẹyìn, kí òun sì wọlé lórí "o".

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti kọ́gbọ́n. Orin ìyá wa kan wà tí mo máa ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún, ibì kan náà ló ti máa ń dí mi lọ́wọ́. Mo fi imú kùn ún láti òkè bí Àlàbí ṣe wí, mo sì kọ ọ́ já lálẹ́ yìí.

Adarí_Òmù

Ẹ kú àdúrótì o. Mo pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní aago méje àárọ̀ òní. Bí Àǹtí ṣe wí ló rí: E jáde ketekete láìfi ẹnu mọ́ máíkì, B fúláàtì tó dára lálẹ́ ọjọ́sí wá ń ha. A fi í sí A. Mo ní kó mí lẹ́yìn "lànà", ó ní òun kì í mí níbẹ̀ rí. Ó kan "gún" ká ẹyọ kan, ó bọ́ sórí "o", àgbọ̀n rẹ̀ kò gbé sókè. Ó kọ ọ́ nígbà mẹ́rin léra, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà bí ẹni tí kò kọrin. Mo pe bàbá àgbà yẹn kó wá jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́sí. Ó ní "ogún" ni òun gbọ́. Ti "ọ́n" yẹn, a ò tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Atagìtá báàsì fẹ́ràn A, ó ní okùn kan wà nínú gìtá òun tó jẹ́ A gan-an. Ti gbígbé e sókè ní ẹsẹ ìkẹyìn ni a ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn onífèrè fẹ́ ẹ, arábìnrin náà sọ pé òun lè ṣe é, èmi ò sì dá a lójú. A ó gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì ní Sátidé, pẹ̀lú tírẹ́bù lórí "gún" àti láìsí wọn, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, pẹ̀lú gbogbo fèrè.